Bí a ṣe ń kéde ìdínkù òṣìṣẹ́ nínú ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́

Ìpàdé tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti máa sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ àwọn kan ti parí kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ìmúrasílẹ̀ yẹn ò bá tíì parí, ẹ má pe ìpàdé rárá. Ìdí ni pé gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ìbéèrè márùn-ún ni yóò máa jà lọ́kàn rẹ̀: Ṣé mo wà nínú wọn? Báwo ni wọ́n ṣe yàn wá? Èló ni màá gbà? Ọjọ́ wo ni màá gbà á? Ta ni kí n lọ bá? Bí ọ̀gá bá dìde láìní ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, àhesọ ni yóò dáhùn rẹ̀ lórí Wásáàpù kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Nàìjíríà tó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, mo fẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agbárá, ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo to àwọn iye inú rẹ̀ kó lè ṣeé tẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́ 140 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá méjì ló ń ṣe ọṣẹ, wọ́n sì fẹ́ ti ẹ̀rọ kejì pa. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ 44, àwọn tó ń di ọṣẹ sínú páálí jẹ́ 36. Àwọn 60 tó kù wà ní ọ́fíìsì, ní sítọ́ọ̀, ní ibi àyẹ̀wò ọjà àti lórí ọkọ̀. Pípa ẹ̀rọ kejì yóò mú ipò 31 kúrò: 18 lára àwọn tó ń darí ẹ̀rọ, 13 lára àwọn tó ń di ọjà.

Ohun tí òfin ní kí ẹ ṣe ṣáájú

Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tó ti wà láti 1974, ló sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ló béèrè. Àkọ́kọ́, kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tí ìdínkù fi fẹ́ wáyé àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ìkejì, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ láàrin ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn, àfi tí ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé bá mú ìyàtọ̀ wá. Ìkẹta, kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà owó tí àwọn tó ń lọ yóò gbà.

Ẹ kíyè sí i pé òfin ò dá iye kan pàtó. Àdéhùn tí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí ló máa ń sọ ọ́, nítorí náà, àdéhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀, kí ọjọ́ ìpàdé tó dé. Abala 11 ló sọ àkókò ìkìlọ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2 ní ọ̀sẹ̀ 1. Ẹni tó ti lo ọdún 2 sí 5 ní ọ̀sẹ̀ 2, ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ní oṣù 1. Ibi tó kéré jù lọ nìyẹn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ lè fún wọn ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá sì pọ̀ jù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn máníjà àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lára àwọn tí Òfin Iṣẹ́ pè ní òṣìṣẹ́. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tiwọn ni kí ẹ wò.

Bí ẹ ṣe yàn wọ́n ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dán yín wò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń dàrú, nítorí náà mo fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti ní ẹ̀rọ kejì la fẹ́ tì, nítorí náà àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò dìde: «Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí ẹ̀rọ kejì. Ọmọ tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá wà nídìí ẹ̀rọ kìíní. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?» Òótọ́ ló sọ. Irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni òfin ń wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó dúró tì kọ́ ni ìsọ̀rí rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa yìí, gbogbo àwọn 44 tó ń darí ẹ̀rọ ni a óò tò sórí ìwé kan, láti ẹni tó pẹ́ jù dé ẹni tó dé kẹ́yìn, ẹ̀rọ yòówù kí wọ́n wà. Àwọn 36 tó ń di ọjà, bákan náà. Lẹ́yìn náà la óò ka 18 àti 13 láti ìsàlẹ̀. Bí ẹni 9 nínú àwọn 18 náà bá jẹ́ ti ẹ̀rọ kìíní, ẹni 9 láti ẹ̀rọ kejì yóò bọ́ sí ipò wọn, a óò sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti mọ ẹ̀rọ tuntun náà. Ó ń gba àkókò, ó sì ń ná ilé iṣẹ́ lówó díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣeé ṣàlàyé lójú gbogbo ènìyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò nínú ètò yìí, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí ọ̀rọ̀ ìdínkù tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọkùnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sára ọṣẹ ṣe, ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ oṣù méjìlá sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró, kí ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé súpáfáísọ̀ kàn ní «ọmọ dáadáa ni», tí kò sí ohunkóhun nínú ìwé, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà. Kí ẹ tó parí, ẹ tún wo bóyá obìnrin tó wà ní ìsinmi ìbímọ, ẹni tó farapa níbi iṣẹ́ tàbí olóyè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ wádìí ìdí rẹ̀ kí ẹlòmíì tó wádìí rẹ̀ fún yín.

Ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́?

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ṣáájú, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìpàdé, nítorí àwọn lẹ jọ ń dúnàádúrà. Àwọn súpáfáísọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni kí ẹ sọ fún wọn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ẹrù ńlá ni láti máa bá ẹni jẹun ní kántíìnì nígbà tí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kí súpáfáísọ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà kàn gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó tó wọlé bá àwọn tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan gbà pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí ìpàdé tó wáyé. Mo lóye wọn, ó sì dára níbi tí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré bá ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti tó 31, bí ẹ bá pe ẹni kẹta, ariwo á ti ta káàkiri, àwọn tó kù á sì máa gbọ́ ìròyìn láti ẹnu ẹni tó ń sunkún jáde. Ìpàdé ni kó ṣáájú, kó kúrú, kí ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni 31, ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí yàrá mẹ́rin bá wà, tí ènìyàn méjì sì jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí yàrá tí yóò gba ju ẹni mẹ́jọ lọ. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 ààbọ̀ òwúrọ̀, ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan ní aago 8 ààbọ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kó tó di aago 11 ààbọ̀. Bí ẹ bá ní yàrá méjì péré, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago 2 ọ̀sán kí ẹ tó parí, àwọn ènìyàn yóò sì jókòó títí di ìgbà yẹn láìmọ̀ bóyá iṣẹ́ wọn wà. Ẹ wá yàrá sí i.

Kí ẹ̀rọ dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru àti ọ̀sán. Àárọ̀ ni ẹni iṣẹ́ òru àti ẹni iṣẹ́ àárọ̀ máa ń pàdé ní géètì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú aago 7 ààbọ̀. Kí ẹ pe àwọn iṣẹ́ ọ̀sán wá, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò lo ọjọ́ méjì láìrí ẹni bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yóò sọ

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́. Kó má rán ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó má sì mú alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó sídìí tábìlì àwọn aláṣẹ bí ẹni pé wọ́n jọ pinnu rẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ ni kó fi sọ ọ́. Ní Agbárá, ìyẹn lè jẹ́ Yorùbá, kí ẹnì kan sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Píjìn, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ìkíni wa máa ń gùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, kó ṣe ṣókí. Bí ilé iṣẹ́ yín bá máa ń fi àdúrà ṣí ìpàdé, ẹ gbà á, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má pa òwe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò bá a fẹ́ gbọ́ ọ gbangba, òwe yóò sì mú kó rò pé ẹ ń wá ibi sá sí. Ẹ má sọ pé «ẹbí kan ni wá», nítorí ẹbí kì í fi ìwé lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé ipò rẹ̀ ti kúrò. Ẹ má sì sọ bó ṣe nira fún yín tó. Ìròyìn náà gan-an gbọ́dọ̀ ti jáde kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa lè lọ báyìí:

«Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn, mi ò sì ní fà á gùn. A óò ti ẹ̀rọ kejì pa ní ọjọ́ 30 oṣù yìí. Nítorí náà, ipò 31 nínú 140 kò ní sí mọ́: 18 lára àwọn tó ń darí ẹ̀rọ, 13 lára àwọn tó ń di ọjà. Kò kan àwọn tó kù.

«Ẹ̀rọ kejì lè ṣe páálí ọṣẹ 900 lóòjọ́. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, a ò rí ju 350 tà. Owó dísù tó ń jó ju èrè tó ń mú wọlé lọ. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn aláṣẹ yòókù rò pé ọjà yóò padà, a sì ní ká dúró. Kò padà. Àwa la ṣe ìpinnu yìí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú yín ò ṣiṣẹ́ dáadáa.

«Bí a ṣe yàn wọ́n nìyí. A to gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kìíní àti ìkejì pa pọ̀. Àwọn tó dé kẹ́yìn ló ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo la fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí ètò yẹn, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe tí òun nìkan mọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti rí ìwé náà. Wọn kò fẹ́ ìdínkù yìí, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Wọ́n bá wa dúnàádúrà lórí owó, a sì ti jọ fọwọ́ sí i.

«Kó tó di aago 11 ààbọ̀ lónìí, a óò ti bá gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn jókòó, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Bí aago 11 ààbọ̀ bá kọjá tí a ò pè yín, iṣẹ́ yín wà. Owó yóò wọ àkáǹtì ní ọjọ́ 30, ọjọ́ kan náà tí iṣẹ́ parí. Ó dùn mí fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá. Ẹ bi mí ní ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́.»

Ẹ wo ìpínrọ̀ kejì yẹn dáadáa. Àṣìrò àwọn aláṣẹ wà nínú rẹ̀, ní gbangba. Bí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ ru owó dọ́là àti ìjọba, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà yóò mọ̀ pé ẹ yọ nǹkan kan kúrò, nítorí òun ló ń rí páálí tó ń jókòó sí sítọ́ọ̀ lójoojúmọ́. Bákan náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ agbàṣẹ́ṣe kó wá bá wà láàrin yín, tí wọn kò sí nínú àwọn 140, ẹ sọ tiwọn pẹ̀lú. Àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ, àwọn náà sì ní ẹnu tó ń jẹun.

Owó: ẹ ṣírò rẹ̀ lójú wọn

Ẹ kọ àpẹẹrẹ kan sára bọ́ọ̀dù, láìdárúkọ. Ẹnì kan ti lo ọdún 7. Gbogbo owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, ìpìlẹ̀ owó oṣù náà sì jẹ́ ₦90,000. Àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 7 lọ́nà ₦90,000 jẹ́ ₦630,000. Oṣù 1 dípò ìkìlọ̀ jẹ́ ₦150,000. Ó ní ọjọ́ ìsinmi 11 tí kò tíì lò; bí a bá pín owó oṣù sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyẹn jẹ́ ₦75,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦855,000, kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Owó orí tí wọ́n bá yọ, kí ó hàn lórí ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í rántí: owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni yìí jẹ gbèsè ₦350,000, ó sì ní ìfipamọ́ ₦150,000 níbẹ̀. Ìfipamọ́ yóò kọ́kọ́ dín gbèsè kù sí ₦200,000. Bó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́, ₦655,000 ló kù fún un. Ṣùgbọ́n àwọn onídùúró rẹ̀ méjì jókòó nínú ìpàdé yẹn. Wọn ò sí lára àwọn tó ń lọ, síbẹ̀ àyà wọn ń já, nítorí bí ẹni náà bá lọ láìsan, owó oṣù tiwọn ni wọn yóò máa gé. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé fi lè dàrú láti ìhà tí ẹ ò fojú sí. Kí ẹ ti bá àwọn olóyè alájẹṣẹ́kù jókòó ṣáájú, kí ẹ sì lè sọ ní gbọ̀ngàn pé: «Owó tí ẹni tó ń lọ bá jẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá alájẹṣẹ́kù sọ bí yóò ṣe san án. A ò ní fọwọ́ kan owó onídùúró kankan fún oṣù mẹ́ta.» Ṣùgbọ́n kí alájẹṣẹ́kù ti gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ má sì yọ owó tí òṣìṣẹ́ kò fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ báǹkì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yá owó lórí owó oṣù rẹ̀, báǹkì lè gbé gbogbo owó tó wọlé lọ́jọ́ 30 ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀ láti fi dí gbèsè náà. Ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ ìpàdé, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọlé, kí wọ́n lè tètè lọ bá báǹkì wọn sọ bí wọn yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Àkókò tó wà láàrin ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ 30 níye lórí gan-an fún wọn.

Nígbà tí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀

Ẹni kan yóò ní: «Ṣé ìkẹyìn rèé?» Ẹ má ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ sọ ibi tí ojú yín ríran dé: «A ò ní ètò láti tún dín ẹnikẹ́ni kù lọ́dún yìí. Ní oṣù kìíní, màá dúró níbí, màá sì fi iye páálí tí a tà hàn yín.» Òmíràn yóò ní: «Ẹ ra ọkọ̀ tuntun fún ọ̀gá tó ń rí sí ọjà títà ní oṣù kẹrin.» Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbà, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sì sọ ohun tí àwọn aláṣẹ yóò fi sílẹ̀ báyìí, bí ó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ ti bi ara yín nígbà tí ẹ ń múra ìpàdé sílẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò mú kí ẹ tún ìpinnu kan ṣe.

Ìbéèrè tí ẹ ò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù níṣojú gbogbo wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí yóò dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ má pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ dáhùn èyí tó jẹ́ ìbéèrè nínú ohun tó sọ, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀.

Yàrá kékeré

Ènìyàn méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, máníjà ẹ̀ka náà àti ẹnì kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tó mọ ìṣírò owó. Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ bá àgbàlagbà sọ ọ́, kó kí i bó ṣe máa ń kí i, kó sì pè é ní Bàbá tàbí Màmá bí wọ́n ṣe ń pè é láti ẹ̀yìn wá. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí tábìlì má dá wọn sí méjì. Lẹ́yìn ìkíni, gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìròyìn náà: «Bàbá, iṣẹ́ yín wà lára àwọn 31 náà.» Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló nira jù fún àwọn máníjà. Ẹnu a máa yún wọn láti ṣàlàyé, ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní gbọ́ àlàyé kankan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Ìwé méjì ni kó mú jáde. Èkíní ni lẹ́tà tó sọ pé ipò náà ni kò sí mọ́, pé kì í ṣe nítorí ìwà tàbí àléébù rẹ̀, torí agbanisíṣẹ́ tó ń bọ̀ yóò béèrè ìdí tó fi kúrò. Ìkejì ni ìṣírò owó rẹ̀, bíi ti orí bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú iye tirẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ náà má fọwọ́ sí ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Kó mú un relé, kó fi han ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, kó padà wá láàrin ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó bá wá iṣẹ́ fún oṣù 4 tí kò rí, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Yóò nílò lẹ́tà tí ẹ fún un yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ìpàdé rárá, ẹ wò ó bóyá gbogbo owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ti gé lọ́wọ́ wọn ti dé ibi tó yẹ. Bó bá ku oṣù kan tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò mọ̀, gbogbo òótọ́ yòókù tí ẹ sọ yóò sì di irọ́ létí wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó lọ kó ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, láìsí ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kan pàtó, kó má jẹ́ ti ẹ̀ka lásán, kí ẹni náà sì máa gbé e títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Àwọn 109 tó kù náà ní ẹ̀rù tiwọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé, ẹ tún pè wọ́n, ìṣẹ́jú ogún péré: ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ sì sọ ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ wo láti ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín lọ́jọ́ náà ni yóò fi hàn bóyá ìpàdé àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń béèrè nípa ìyípadà ẹ̀rọ àti wákàtí iṣẹ́, ó yé wọn. Bí wọ́n bá ṣì ń béèrè bí wọ́n ṣe yàn wọ́n, kò yé wọn tàbí wọn ò gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí olóyè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì bá yín ṣí ìwé ètò náà, ẹ sì tún un ṣàlàyé láti orí ìlà àkọ́kọ́.

Bí ọjọ́ 30 bá sì ń súnmọ́ tí ẹ rí i pé owó kò ní pé, ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Ẹ pe àwọn 31 náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 27, ẹ sọ iye tí yóò wọlé ní 30 àti ọjọ́ tí ìyókù yóò wọlé, kí ẹ sì fi lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà.